Eyín Mẹ́rìnlélógún: Ohun Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtọ́jú Eyín Ń Wò Kó Tó Sọ Ọjọ́ Orí Ọmọ

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ní kí òbí mú wá. Ọ̀pọ̀ òbí kò sì ní ìwé ọjọ́ ìbí kankan lọ́wọ́. Ọgbọ́n tí àwọn olùkọ́ ta sí i kò ṣàjèjì sí ẹni tó dàgbà nílẹ̀ Yorùbá: wọ́n ní kí ọmọ gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi ọwọ́ kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kàn án, ó tó iléèwé lọ. Bí kò bá kàn án, ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Ọmọ tí apá rẹ̀ gùn wọlé kí ọdún rẹ̀ tó pé, èyí tí apá rẹ̀ kúrú sì ń bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù lọ sọ́jà.

Ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé ju apá lọ wà lẹ́nu àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, ó kàn jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n yanu ni. Nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà ni eyín àgbà àkọ́kọ́ máa ń yọ sẹ́yìn gbogbo eyín ọmọdé, lápá òkè àti nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti fojú sí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kí ètò Awólọ́wọ̀ tó dé rárá. Òfin ilé iṣẹ́ tí ìjọba Bìrìtìkó ṣe ní 1833 kò gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án láyè láti ṣiṣẹ́ nínú ilé ìhunṣọ, ṣùgbọ́n gíga ọmọ ni wọ́n fi ń wọn ọjọ́ orí, àwọn òbí tí owó ń fẹ́ sì ń parọ́. Ní 1837, oníṣègùn eyín kan tó ń jẹ́ Edwin Saunders tẹ ìwé kan jáde fún àwọn aṣòfin. Ó ti yẹ ẹnu àwọn ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan wò, ohun tó sì rí ni pé eyín kì í tètè tanni jẹ bíi gíga. Ebi lè sọ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án di kúkúrú bí ọmọ méje. Eyín rẹ̀ kì í sábà gbọ́ ti ebi tó bẹ́ẹ̀.

Lónìí, iṣẹ́ Saunders ti di ìdánwò. Ní àwọn iléèwé ìṣègùn eyín, yálà ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, ní Ìbàdàn tàbí ní Ilé-Ifẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ohun méjì kó tó fọwọ́ kan ẹnu aláìsàn: bí eyín kọ̀ọ̀kan ṣe rí, àti bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ara wọn yọ. Inú orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwé máa ń kọ méjèèjì sí, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ń há wọn sórí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò ti ń mú wọn, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ojú eyín kò lè mọ èyí tó ti yọ àti èyí tí kò tíì yọ.

Ìṣirò kékeré kan fi èyí hàn. Ọmọdé ní eyín 20. Àgbàlagbà tí ẹnu rẹ̀ pé ní 32. Nígbà tí eyín ọdún mẹ́fà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yọ sẹ́yìn, 20 di 24. Láti ìgbà náà, gbogbo eyín ọmọdé tó bá bọ́, òmíràn ló ń rọ́pò rẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀kan. Eyín iwájú ń gba ipò eyín iwájú, eyín ajá ń gba ipò eyín ajá, àwọn eyín oníṣóńṣó méjì tí wọ́n ń pè ní pirimólà sì ń gba ipò eyín ńlá ẹ̀yìn ti ọmọdé, ìyẹn àwọn mólà kéékèèké. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé láti nǹkan bí ọdún méje títí di ọdún méjìlá, tí mólà kejì ti àgbà yóò yọ tí iye yóò fi di 28, eyín 24 náà ni, bí a bá yọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kúrò. Ẹni tó bá kan ka eyín kò ní mọ̀ bóyá ọmọ ọdún méje ló wà níwájú òun ni tàbí ọmọ mọ́kànlá. Ojú eyín ni yóò sọ fún un.

Kí a tó wọ inú rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe eyín rọrùn. Wọ́n pín ẹnu sí mẹ́rin: òkè ọ̀tún ni 1, òkè òsì ni 2, ìsàlẹ̀ òsì ni 3, ìsàlẹ̀ ọ̀tún ni 4. Ọ̀tún àti òsì ẹni tó ni ẹnu ni, kì í ṣe ti ẹni tó ń wò ó. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, a ó ka eyín láti àárín iwájú lọ sẹ́yìn, láti 1 dé 8. Nítorí náà, 16 ni eyín kẹfà lápá òkè ọ̀tún. Ti ọmọdé bẹ̀rẹ̀ láti 5 dé 8 dípò 1 dé 4, márùn-ún péré ni eyín sì ń jẹ́ nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ṣì ń fi álífábẹ́ẹ̀tì A dé E pe ti ọmọdé, ìyẹn náà kò burú, ó tiẹ̀ dùn ún rántí.

Eyín ọmọdé ló kọ́kọ́ ń yọ, ó sì ń yọ ní ẹsẹẹsẹ. Eyín iwájú méjì ti ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń ṣíwájú, ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́wàá. Ti òkè tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ibi tí ojú akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣì ni ohun tó kàn. Ẹni tó bá ń wo ẹnu bí ìlà gígùn yóò rò pé eyín ajá, ìyẹn C, ni yóò tẹ̀ lé B. Kò rí bẹ́ẹ̀. D ló ń yọ ṣáájú, ní nǹkan bí oṣù mẹ́tàlá sí mọ́kàndínlógún, yóò wá fi àlàfo sílẹ̀ fún C tó ń bọ̀ lẹ́yìn. E ló ń pa á dé, nígbà tí ọmọ bá ń sún mọ́ ọdún méjì àbọ̀. A, B, D, C, E: bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyẹn. Ìyá tó bá rí àlàfo lẹ́nu ọmọ ọdún kan ààbọ̀ láàárín eyín iwájú àti eyín ẹ̀yìn kò ní ìdí kankan láti já láyà.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́fà yìí ti pa ọmọ rí. Àkókò tí eyín ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ni àkókò tí ààbò tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ ń tán lọ, òun náà ni àkókò tí ó ń rákò, tí ó ń mú gbogbo nǹkan ilẹ̀ sẹ́nu. Ibà dé, ìgbẹ́ gbuuru dé, gbogbo rẹ̀ ni a ń dì lé eyín lórí. Ní 2008, oògùn olómi kan tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà fún ọmọ tó ń yọ eyín, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ My Pikin, ní májèlé nínú, kíndìnrín àwọn ọmọ tó mu ún sì daṣẹ́ sílẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rin ọmọ tó kú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ àtẹ ìyọ eyín dáadáa yóò mọ̀ pé eyín lè mú kí ọmọ máa da itọ́ kó sì máa ké, ṣùgbọ́n ibà líle jẹ́ àìsàn tó ní ìdí tirẹ̀.

Eyín àgbà náà ní ẹsẹẹsẹ tirẹ̀, wàhálà inú rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ. Nísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń yọ ni 6, 1, 2, 3, 4, 5, 7, 8. Lókè, ó jẹ́ 6, 1, 2, 4, 5, 3, 7, 8. Ẹ fi méjèèjì wéra: eyín ajá, ìyẹn 3, nìkan ló yí ipò padà. Nísàlẹ̀, ó ń yọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, ṣáájú àwọn pirimólà. Lókè, ó ń dúró di mọ́kànlá sí méjìlá, nígbà tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ méjèèjì ti jókòó tán. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá di ìyàtọ̀ kan ṣoṣo yìí mú kò ní láti há àtẹ méjì sórí.

Ìdí tí eyín ajá òkè fi ń pẹ́ ni pé ọ̀nà rẹ̀ jìn. Òkè pátápátá nínú egungun ojú, nísàlẹ̀ ibi tí ẹyin ojú gbé jókòó sí, ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ní láti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ̀kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò eyín kejì. Bí ó bá dé tí àyè ti há, ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀. Ó lè yọ síta lókè èrìgì, bí eyín tó gun orí eyín. Ó sì lè ṣìnà lọ sí àjà ẹnu, kó máa sùn níbẹ̀ láìyọ. Èyí ló mú kí àwọn oníṣègùn eyín máa fi ìka tẹ èrìgì òkè ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, lẹ́bàá gbòǹgbò eyín ajá ọmọdé, láti mọ̀ bóyá ó wú díẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá wú tí èkejì tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á ya fọ́tò inú egungun. Ní Súwídìn, Ericson àti Kurol tẹ iṣẹ́ kan jáde ní 1988 tó fi hàn pé bí wọ́n bá tètè yọ eyín ajá ọmọdé kúrò lọ́nà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń ṣìnà lọ sí àjà ẹnu ló ń padà sójú ọ̀nà fúnra wọn: 36 nínú 46 ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Eyín ajá yìí kan náà ló ń tú àṣírí èjí. Láàárín ọdún méje sí mọ́kànlá, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń pèjí lápá òkè. Eyín iwájú wọn tóbi, ó ya síra, ó sì fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àwọn ìyá àgbà á máa yìn ín pé ọmọ yìí yóò lẹ́wà. Àmọ́ orí eyín ajá tó ń sọ̀kalẹ̀ ló ń ti gbòǹgbò àwọn eyín iwájú náà mọ́ra nínú egungun, ìyẹn ló jẹ́ kí orí wọn ṣí síta. Nígbà tí eyín ajá bá yọ tán, ó máa ń ti àwọn orí náà padà sọ́dọ̀ ara wọn, èjí ọ̀pọ̀ ọmọ á sì dì. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá ni èjí tòótọ́. Òbí tó bá sáré lọ fi wáyà fa eyín ọmọ ọdún mẹ́jọ pọ̀ lè ti gbòǹgbò eyín kejì lu eyín ajá tó ń bọ̀, kó sì ba gbòǹgbò náà jẹ́.

Ojú eyín wá ńkọ́? Eyín ọmọdé funfun ju ti àgbà lọ, ó kéré, ó sì fẹ̀ ju bí ó ti ga lọ. Àmì tó dájú jù wà ní ọrùn rẹ̀: níbi tí orí eyín ti fẹ́ pàdé gbòǹgbò, eyín ọmọdé wú yíká bí ẹni wọ ìlẹ̀kẹ̀, ó sì wá fún lójijì. Ti àgbà rọra ń tẹ̀ wọlé ni. Gbòǹgbò mólà ọmọdé tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ya sí ẹ̀gbẹ́ gan-an, láti lè fún pirimólà tó ń dàgbà láàárín wọn láyè. Ọ̀rọ̀ funfun yẹn, ẹ má gbára lé e jù nínú ìdánwò, torí eyín tó ti pẹ́ nínú ìgò oògùn máa ń pàwọ̀ dà. Eyín iwájú àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ tún ní àmì tirẹ̀: ṣóńṣó kéékèèké mẹ́ta ní etí rẹ̀, tí jíjẹun yóò fi gé kúrò láàárín ọdún díẹ̀.

Ìdánwò ọwọ́ gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní sítípùṣéèsì. Àwọn nǹkan tò sórí tábìlì, nọ́ńbà wà lára kọ̀ọ̀kan, aago á dún, oníkálùkù á sì sún sí èyí tó kàn. Ká ní eyín kan ṣoṣo ló wà nínú àwo kẹta, ìbéèrè sì ní: «Eyín wo ni èyí? Sọ ìdí mẹ́ta.» Akẹ́kọ̀ọ́ tí orí rẹ̀ pé kì í sáré sí orúkọ. Ó ń béèrè ìbéèrè márùn-ún ní ẹsẹẹsẹ, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sì ń dín ohun tó lè jẹ́ kù.

Àkọ́kọ́: ti ọmọdé ni tàbí ti àgbà? Ọrùn rẹ̀ kò wú, gbòǹgbò rẹ̀ nípọn, ó sì sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ ní odindi kó tó pín. Ti àgbà ni. Èkejì: irú eyín wo? Orí rẹ̀ gbòòrò, ṣóńṣó mẹ́rin ló wà lójú ìjẹun rẹ̀. Mólà ni. Ẹ̀kẹta: òkè ni tàbí ìsàlẹ̀? Ó ka gbòǹgbò: mẹ́ta. Mólà òkè ló ń ní mẹ́ta. Ti ìsàlẹ̀ sábà máa ń ní méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Ìbéèrè kẹrin ni ti ìhà. Méjì nínú gbòǹgbò mẹ́ta náà wà pa pọ̀, ìyẹn ni ìhà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹyọ kan dá wà, ó sì gùn jù, ìyẹn ni ìhà àjà ẹnu. Nísinsìnyí, ibo ló kọjú sí iwájú, ibo ló kọjú sí ẹ̀yìn? Ó dojú ìjẹun eyín náà kọ ara rẹ̀. Ṣóńṣó tó tóbi jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níhà àjà, lápá iwájú. Ṣóńṣó tó kéré jù wà níhà àjà kan náà, lápá ẹ̀yìn. Láti ara èyí tó tóbi jù yẹn ni ìlà gíga kan ti dábùú ojú eyín náà lọ bá ṣóńṣó ẹ̀yìn tó wà níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mólà òkè nìkan ló ní ìlà yìí. Bí oríire bá tún bá a, yóò rí kókó kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ ara ṣóńṣó ńlá náà níhà àjà. Kókó Carabelli ni wọ́n ń pè é, orúkọ oníṣègùn eyín ará Fíẹ́nà kan tó ṣàlàyé rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní in, nítorí náà bí kò bá sí, kò sọ nǹkankan. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà, mólà àkọ́kọ́ ló sábà máa ń jẹ́.

Ìbéèrè karùn-ún, ọ̀tún ni tàbí òsì, ló ń gba máàkì lọ́wọ́ èèyàn jù, bẹ́ẹ̀ ó ní ọgbọ́n tó rọrùn. Di eyín náà mú bí ó ṣe ń wà lẹ́nu: ti òkè, kí gbòǹgbò kọjú sókè, ti ìsàlẹ̀, kí gbòǹgbò kọjú sílẹ̀. Jẹ́ kí ìhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ dojú kọ ọ́. Bí apá iwájú eyín, ìyẹn èyí tó kọjú sí àárín ẹnu, bá bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ, eyín ọ̀tún ni. Bí ó bá bọ́ sí ọwọ́ òsì, eyín òsì ni. Nínú àwo kẹta yìí, ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀: 16, mólà àkọ́kọ́ ti àgbà, òkè ọ̀tún. Gbòǹgbò mẹ́ta, ìlà tó dábùú, kókó Carabelli. Aago dún.

Ọgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún yìí ń ṣiṣẹ́ fún eyín iwájú náà. Igun etí rẹ̀ tó kọjú sí àárín ẹnu mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá bí igun ìwé. Igun ẹ̀yìn rẹ̀ rọ̀ bìrìkìtì. Ọ̀kan nínú àwọn pirimólà nìkan ló ń ṣe agídí. Nínú ọ̀pọ̀ eyín, ṣóńṣó ìhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ní pirimólà àkọ́kọ́ ti òkè, ẹ̀yìn ló tẹ̀ sí. Ẹni tó bá fi ṣóńṣó yẹn dá ìhà mọ̀ yóò kọ òsì sí ọ̀tún. Ibi tí kì í tan èèyàn jẹ ni ọrùn rẹ̀ lápá iwájú, níbi tí kòtò kan tó ṣeé fi ìka mọ̀ ti sọ̀kalẹ̀ lọ sára gbòǹgbò.

Lórí tábìlì kejì, kì í ṣe eyín kan ni wọ́n gbé kalẹ̀, àwòṣe odindi ẹnu ọmọ kan tí wọ́n fi pílásítà rọ ni. Ìbéèrè: «Ọmọ ọdún mélòó ni?» Pílásítà kò ní àwọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ pé eyín ọmọdé funfun jù kò wúlò níbí. Apá ìsàlẹ̀ òsì ni olùdánwò ti dẹ pàkúté. Láti àárín lọ sẹ́yìn, eyín iwájú méjì wà níbẹ̀, eyín ajá kékeré kan tẹ̀ lé e, àlàfo wà, lẹ́yìn náà mólà méjì. Eyín márùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sáré á kà wọ́n, á rántí pé márùn-ún ni ti ọmọdé, á sì kọ pé eyín tó gbẹ̀yìn ni E, ọmọ náà kò sì tíì pé mẹ́fà.

Ẹni tó bá wo ojú eyín kò ní kọ bẹ́ẹ̀. Eyín iwájú méjèèjì fẹ̀, ṣóńṣó kéékèèké mẹ́ta ṣì wà létí wọn: ti àgbà ni, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Eyín ajá kékeré yẹn wú lọ́rùn: ti ọmọdé ni. Àwọn mólà méjèèjì jọra púpọ̀, torí E ìsàlẹ̀ àti 6 ìsàlẹ̀ jọ ní ṣóńṣó márùn-ún, mẹ́ta níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́, méjì níhà ahọ́n. Ìyàtọ̀ wọn wà lára mẹ́ta ìhà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní E, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà. Ní 6, èyí tó gbẹ̀yìn kéré gan-an sí àwọn méjì yòókù. Mólà tó wà lẹ́yìn lórí pílásítà yìí ní ìkẹta tó kéré. 36 ni. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ ni E, àlàfo yẹn sì ni ibi tí D wà kí wọ́n tó yọ ọ́, bóyá nítorí pé ó kẹ̀.

Ọjọ́ orí wá yọjú fúnra rẹ̀. Nísàlẹ̀, 1 àti 2 ti yọ tán, 3 kò tíì dé: ọmọ náà ti kọjá méje, kò sì tíì tó mẹ́sàn-án dáadáa. Lókè, 1 ti yọ tán, 2 dé ìdajì ọ̀nà: ọdún mẹ́jọ ló ń sún mọ́, tàbí ó ti lé díẹ̀. Ìdáhùn tó yẹ ni «nǹkan bí ọdún mẹ́jọ». Ẹni tó bá kọ «ọdún mẹ́jọ àti oṣù méjì» kò ní gba máàkì jù, àfàìmọ̀ kí olùdánwò má rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ní ìdí. Àtẹ ìdàgbàsókè eyín tí ọ̀pọ̀ ìwé ṣì ń tẹ̀ wá láti ọwọ́ Logan àti Kronfeld, tí wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní Amẹ́ríkà ní 1933. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ tó ti kú ni wọ́n gé wò, iye wọn kò sì tó 50, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò tíì pé ọdún méjì. Ó jẹ́ iṣẹ́ ńlá nígbà náà, ṣùgbọ́n kò lè bá gbogbo ọmọ ayé mu. Eyín àgbà ọmọbìnrin ń ṣáájú ti ọmọkùnrin ní oṣù mélòó kan. Eyín àgbà àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú sì sábà máa ń yá ju ti àwọn ọmọ Yúróòpù lọ, pàápàá mólà kẹta, ìyẹn 8, tí ìwé ń sọ pé ọdún mẹ́tàdínlógún sí mọ́kànlélógún ló ń yọ. Àwọn mìíràn kì í tiẹ̀ ní 8 rárá láyé wọn. Oṣù lè yí padà láti ọmọ kan sí èkejì. Ẹsẹẹsẹ ni kì í fi bẹ́ẹ̀ yí.

Gbòǹgbò tún ń ràn wá lọ́wọ́. Nígbà tí eyín àgbà bá gún èrìgì jáde, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbòǹgbò rẹ̀ ló ti parí, yóò sì tó ọdún mẹ́ta sí i kí ìdí rẹ̀ tó dì. Mólà àkọ́kọ́ tí ìdí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì là gbàgà kò lè wá láti ẹnu ẹni ogún ọdún. Ọmọ tó wà láàárín mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ló ni ín.

Ó ń bani nínú jẹ́ pé irú eyín bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n nínú àwo ìdánwò. Eyín ọdún mẹ́fà kì í rọ́pò eyín kankan. Ìyá kò rí eyín tó mì, ọmọ kò ju eyín sórí òrùlé. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló yọ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ kún fún kòtò tí oúnjẹ ń há sí. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀, òbí á ní eyín ọmọdé ni, yóò bọ́ náà ni. Kò ní bọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló sì pọ̀ jù lára àwọn eyín àgbà tí wọ́n ń yọ lẹ́nu ọmọ tó kéré.

Nítorí náà, 16 tí akẹ́kọ̀ọ́ bá lórí tábìlì kì í sábà dára tó ti inú ìwé. Ìdajì orí rẹ̀ lè ti jẹrà lọ, kókó Carabelli ti bá a lọ, ìlà tó dábùú ti di ihò dúdú. Ohun tó kù ni gbòǹgbò. Èyí tó dá wà, tó gùn jù, ni ìhà àjà. Nínú méjì tó kù, èyí tó fẹ̀ bíi pátákó tó sì tẹ̀ sẹ́yìn lápá ìdí ni ti iwájú. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì dúró gbọnrangandan ni ti ẹ̀yìn. Gbòǹgbò sókè, ìhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ojú, èyí tó fẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún: òkè ọ̀tún ni, bí orí eyín tiẹ̀ ti lọ.